"Ẹ ṣeun gan-an" kò tẹ́ mi lọ́rùn: báwo ni mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí a jọ parí iṣẹ́?

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Èmi ni mo ṣe olórí iṣẹ́ kan tó parí ní Jímọ̀ tó kọjá, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní apá Ring Road níbí. Gbogbo káàdì àwọn aláìsàn tó wà nínú páálí láti ọjọ́ pípẹ́ ni a kó wọ inú kọ̀ǹpútà. Káàdì náà lé ní 9,000, ọ̀sẹ̀ 11 ni a sì fi ṣe é. Àwa mẹ́fà ni. Màmá kan wà tó ti ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ kí n tó jáde ilé ìwé girama, Màmá Káàdì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ọmọkùnrin kan ń fi síkánà ya káàdì, ọmọbìnrin méjì ń tẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ọmọ pólì kan tó wá kọ́ṣẹ́ ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà. Èmi ni ẹnì kẹfà.

Ní Sátidé, ọ̀gá ilé ìwòsàn fẹ́ ká jókòó jẹun díẹ̀, wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kọ nǹkan sórí Wásáàpù wa ṣáájú. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ẹ ṣeun gan-an fún iṣẹ́ takuntakun yín. Ẹ jẹ́ èèyàn àtàtà. Bí kò bá sí yín, iṣẹ́ yìí kò ní yọrí. Kí Ọlọ́run bù kún gbogbo wa."

Nígbà tí mo kà á tán, ọkàn mi kò balẹ̀. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, àmọ́ bí mo bá fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kun ilé wa ní ọdún tó kọjá, ó máa bá wọn mu. Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ojú mi wà lára ohun tí òun ṣe?

Ọmọ_Bẹẹrẹ

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Èyí kò le rárá. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan, kí gbogbo rẹ̀ gùn bákan náà kí ẹnikẹ́ni má baà fajú ro. Màmá Káàdì, onísùúrù. Ẹni tó ń ya káàdì, akíkanjú. Ọmọ pólì, ọlọ́pọlọ pípé. Bí ìgbà tí wọ́n ń ki èèyàn ní oríkì. Ó tán.

Ọlọ́ńjẹ_Bódìjà

Èèyàn mẹ́fà péré? Ẹ má da ara yín láàmú. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran ògúnfe, kí omi tútù wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti yó ti mọ̀ pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo lè bá yín gbé e wá sí Ring Road kí aago méjì tó lù.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, màmá wa. Ọ̀gá ti sọ fún ẹni tó máa se oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ ló kù mí kù. Ṣùgbọ́n mo ti fi nọ́ńbà yín pa mọ́ sórí fóònù mi.

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì

Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe alámòójútó òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí kò lóǹkà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tí Ọmọ_Bẹẹrẹ sọ, torí ó sún mọ́ òótọ́ àmọ́ kò tíì débẹ̀.

Orúkọ dídá dára. Gbólóhùn tó kọ sí abẹ́ orúkọ ni wàhálà. "Onísùúrù", "akíkanjú", "ọlọ́pọlọ pípé", ta ni a kò lè sọ ọ́ fún? Oríkì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ki ìdílé kan, ohun tí baba ńlá wọn ṣe, ibi tó ti ṣe é, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ni akéwì ń tò kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí ẹni tí wọ́n ń kì fi ń wú, nítorí kò sí ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ náà bá mu.

Ìkíni wa náà rí bẹ́ẹ̀. A kì í sọ pé "ẹ kú" ká sì dákẹ́. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tí kò sùn, ẹ kú àìsùn. Ẹni tó ti ọ̀nà dé, ẹ kú ọ̀nà. Ohun tí èèyàn ń ṣe gan-an ni a fi ń kí i. "Ẹ ṣeun" tí ìwọ kọ yìí tún ní ìṣòro mìíràn: "ẹ" yẹn, àgbà kan ṣoṣo ni àbí gbogbo àwùjọ? Nínú èèyàn mẹ́fà, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wá kí n tó kọ ìdúpẹ́ fún ẹnì kan: ọjọ́ wo tàbí ìgbà wo, kí ni ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ wá tí ojú rí. Bí ọ̀kan bá sọnù, ọ̀rọ̀ náà á rọ. Tí o bá yọ ìgbà kúrò, ó di àdúrà. Tí o bá yọ ohun tí ọwọ́ ṣe kúrò, ó di ìwà, bíi "onísùúrù". Tí o bá yọ àbájáde kúrò, onítọ̀hún kò ní mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì.

Mú ẹnì kan nínú wọn. Sọ ọjọ́ kan fún wa tí o kò lè gbàgbé.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, bàbá. Màmá Káàdì ni mo máa mú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ̀ǹpútà sọ fún wa pé káàdì 212 jẹ́ àwítúnwí, pé ẹnì kan náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ló fi ń mọ̀. A yọ orúkọ àkọ́kọ́ kúrò nínú ohun tó ń wò, torí lórí káàdì àtijọ́, ẹnì kan náà lè jẹ́ Táyé níbí, kó jẹ́ Táíwò lọ́hùn-ún. Mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì tó máa dà wọ́n pọ̀. Màmá Káàdì dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní: "Àdùkẹ́, dúró ná. Ṣé ẹ kò mọ̀ pé ìbejì làwọn wọ̀nyí?"

Orúkọ ìdílé kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni! Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọjọ́ méjì yẹ gbogbo 212 wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú káàdì gidi lọ́wọ́. Káàdì 58 níbẹ̀ jẹ́ ti ìbejì.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Jésù! Àǹtí, ṣé ẹ mọ ohun tí màmá yẹn yọ yín nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí èmi tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ̀dù ṣe rí i.

Ìbejì kan lè gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìn kó má ṣe é ní nǹkan kan, kí ojú àti ètè èkejì wú kó má lè mí. Nínú ìbejì tí kò jọra, ọ̀kan lè jẹ́ AA kí èkejì jẹ́ SS. Bí káàdì méjèèjì bá di ọ̀kan, ìkìlọ̀ tó wà lórí ti Kẹ́hìndé á lọ bá Táíwò, tàbí kó má tilẹ̀ hàn mọ́. Ní aago méjì òru tí ìyá gbé ọmọ dé, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni mo máa gbà gbọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí náà, tí Ìgbó-Ọrà kò jìnnà sí wa, àṣìṣe tó lè jẹ́ ti èèyàn méjì péré ní ìlú mìíràn á pọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa.

Torí náà, ẹ má sọ fún màmá pé wọ́n "fara balẹ̀". Ẹ sọ ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ tún lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lo káàdì tuntun náà lọ́wọ́ báyìí, kí ẹ bi wọ́n léèrè kí ló ti rọrùn fún wọn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kì í sábà rí ibi tí iṣẹ́ wọn balẹ̀ sí. Tí ẹ bá mú un wá bá wọn, ẹ̀bùn ni.

Bírìkìlà_Apátá

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gidi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

A kọ́ ilé kan fún ọ̀gbẹ́ni kan. Nígbà tí a fẹ́ da kọnkéré òkè, ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ kékeré tó ń po sìmẹ́ńtì, ló wá sọ fún mi pé òpó igi tó gbé pákó dúró ní ìgun kan ń rì sínú ilẹ̀, torí òjò rọ̀ lálẹ́ àná. A dá iṣẹ́ dúró, a fi pátákó sábẹ́ òpó, a tún un ṣe. Ká ní a dà á bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ó ti wó lé wa lórí. Lọ́jọ́ ìṣílé, onílé dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà fún "ojú tó fi rí òpó tó ń rì". Ẹnjiníà yẹn kò sí ní sáìtì lọ́jọ́ náà rárá! Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ọmọ mi wà lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Kò tó oṣù kan tó fi lọ bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Èmi fúnra mi ni ó yẹ kí n ti sọ fún onílé pé ọmọ yẹn ló rí i, n kò sì sọ ọ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ ṣọ́ra o. Ìdúpẹ́ tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ṣe é burú ju kí a má dúpẹ́ lọ.

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì

Bírìkìlà, o ṣeun tí o sọ èyí. Ibẹ̀ gan-an ni ìdúpẹ́ tó ṣe pàtó ti léwu ju ti gbogbo gbòò lọ. "Ẹ ṣeun gbogbo yín" kò lè ṣi ẹni mú. "Ìwọ lo rí i" lè ṣi ẹni mú.

Àdùkẹ́, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, ṣí Wásáàpù yín láti ọ̀sẹ̀ kìíní, kà á wá sísàlẹ̀. Wo ibi tí ẹnì kan ti kọ "mo ti rí ìṣòro yẹn" tàbí "ẹ jẹ́ kí n wá lọ́la". Wo ìwé tí ẹ fi ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀, bí ó bá wà. Lẹ́yìn náà, bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ní ìkọ̀kọ̀: "Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí tí mo lè má rí?" Ìbéèrè yẹn ti yọ mí nínú ìtìjú ní àìmọye ìgbà.

Ọmọ_Bẹẹrẹ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Mo kà á níbì kan pé ní 2018, àwọn onímọ̀ méjì, Amit Kumar àti Nicholas Epley, ní kí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Àwọn tó kọ ọ́ ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ àwọn kò ní dùn tó, pé ojú á ti ẹni tí àwọn kọ ọ́ sí. Àwọn tó gbà á kò rí i bẹ́ẹ̀, inú wọn dùn ju bí àwọn akọ̀wé ṣe rò lọ. Ṣé ìyẹn kò fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Àdùkẹ́ kọ tẹ́lẹ̀ ti tó? Kí wọ́n ṣáà fi ránṣẹ́.

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì

Ìwádìí náà wà, o sì sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn, ohun tí ẹni náà ṣe fún wọn àti bó ṣe kan ayé wọn ni wọ́n ní kí wọ́n kọ. Kì í ṣe "ẹ ṣeun fún iṣẹ́ takuntakun". Ohun tí a lè mú níbẹ̀ ni pé kí Àdùkẹ́ má ṣe wá ọ̀rọ̀ dídán. Tí ohun tó rí bá ti wà níbẹ̀, gbólóhùn tó ṣe bí ẹni kọsẹ̀ kò burú.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Mo ti ka Wásáàpù wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Alẹ́ àná ni mo fi ṣe é. Mo sì ti béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ará, mo gbàgbé ẹnì kan pátápátá! Èèyàn mẹ́ta nínú wọn ló dárúkọ bàbá ọlọ́dẹ. Ní òru kan tí òjò ńlá rọ̀, òrùlé yàrá ìwé jò. Bàbá dá gbé páálí tó wà nílẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n fi táńpólì bo ìyókù. Nígbà tí a dé láàárọ̀, ilẹ̀ tutù, káàdì kankan kò tutù. Mo rántí pé mo kí wọn "ẹ káàárọ̀" lọ́jọ́ náà tí mo kọjá lọ. Bàbá kò sí lórí Wásáàpù wa, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n sí jíjẹ mímu Sátidé.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù tó ń dà mí láàmú.

Àkọ́kọ́, Màmá Káàdì ti sún mọ́ 60, ọmọ ọdún 31 ni mí. Tí mo bá dìde tí mo ní "màmá, ẹ ṣe dáadáa", ó ń dún létí mi bí ọ̀rọ̀ tíṣà.

Èkejì, ọmọkùnrin tó ń ya káàdì gbàgbé láti ya ẹ̀yìn káàdì nínú odindi páálí mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni dókítà máa ń kọ ohun tí ara aláìsàn kò gbà sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i ní Jímọ̀ kan ní ìrọ̀lẹ́, ó wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó wá ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, ó tún un yà. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ni ohun tó wú mi lórí jù. Ṣé mo lè sọ ọ́ níwájú ọ̀gá?

Ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ orúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kì í wá. Èkejì rẹ̀ ló ṣe ọ̀pọ̀ jù. Kí ni mo máa sọ?

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì

Ti Màmá Káàdì, etí rẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọdé kì í fún àgbà ní máàkì. "Ẹ gbìyànjú" náà, má lò ó, torí lẹ́nu ẹni tó kéré, ó ń dún bí ẹni pé wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe é. Ohun tí ọmọdé lè sọ fún àgbà láìtàbùkù ni ohun tí òun rí àti ohun tí òun kọ́. "Mo ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì. Màmá ní kí n dúró. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń wo ìbejì lórí káàdì, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ." Ẹnu rẹ ni àṣìṣe wà, ọwọ́ wọn ni ìmọ̀ wà. Wọ́n á gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín.

Sì lọ bá wọn lójúkojú kí o tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Orí Wásáàpù kò gba ìkúnlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ti ọmọ tó ya káàdì, tèmi ni pé kí ẹ má sọ ọ́ níwájú ọ̀gá. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ilé ìwòsàn, a ti rí ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe, tí wọ́n yìn ín lónìí, tí wọ́n sì rántí àṣìṣe náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Ọ̀gá lè gbàgbé ìyìn kó má gbàgbé páálí mẹ́ta.

Bírìkìlà_Apátá

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n n kò gbà. Bí ẹ bá fi pa mọ́, báwo ni àwọn yòókù ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ kò ní jìyà? Ní sáìtì tèmi báyìí, ẹni tó bá sọ àṣìṣe ara rẹ̀ kí kọnkéré tó gbẹ, níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Sáìtì tiyín ni, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ilé ìwòsàn yìí kì í ṣe ti Àǹtí Àdùkẹ́.

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin méjèèjì ní ẹjọ́ rò, n kò sì lè dá a. Ohun kan péré: bi ọmọ náà. "Ohun tí o ṣe yìí, ṣé mo lè sọ ọ́ ní Sátidé?" Orúkọ rẹ̀ ni, òun ló ni í.

Ti ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, wá ohun kan tó jẹ́ òótọ́, bó ti wù kó kéré. Bó bá kéré, jẹ́ kó kéré. Má fi afẹ́fẹ́ kún un, nítorí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀, tí wọ́n bá sì gbọ́ pé o yìn ín bí wọn, ìyìn tiwọn náà á di yẹpẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ gùn bákan náà. Ọgbọọgba kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo.

Agùnbánirọ̀_Tẹ́lẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọmọ pólì. Nígbà tí mo parí ìsìnrú ìlú, ọ̀gá mi kọ lẹ́tà fún mi pé mo jẹ́ "ọmọ dáadáa tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà". Ibi gbogbo tí mo mú un lọ, wọ́n kà á, wọ́n dá a padà. Ẹ kọ ohun tó ṣe gan-an sórí ìwé tó ní orí lẹ́tà ilé ìwòsàn, pẹ̀lú iye, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò lè gbé ìpàtẹ́wọ́ Sátidé lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà náà.

Ohun tí mo kọ tuntun rèé, ẹ bá mi wò ó. Mo lọ kí Màmá Káàdì nílé wọn ní Mólété ní ìrọ̀lẹ́ àná kí n tó fi ránṣẹ́. Ọmọ tó ya káàdì ní kí n má sọ ti ẹ̀yìn káàdì níwájú ọ̀gá, torí náà mo kọ tirẹ̀ sí i nìkan, lọ́tọ̀, ohun mìíràn tó jẹ́ òótọ́ ni mo fi síbí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo yín. Ẹ kú eruku páálí ọ̀sẹ̀ 11.

Màmá wa, ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti fẹ́ da káàdì 212 pọ̀. Ẹ ní kí n dúró. Ẹ fi ọjọ́ méjì wò wọ́n, ẹ sì yọ ìbejì 58 jáde. Nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù ọmọdé sọ fún mi lánàá pé òun ṣí káàdì Kẹ́hìndé kan, ìkìlọ̀ pẹnisílìn wà níbẹ̀, kò sí lórí ti Táíwò. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo ìbejì lórí ìwé.

Ọmọ pólì wa, gbogbo ìgbà tí iná lọ ni o kọ páálí àti káàdì tí a dé sínú ìwé àjákọ rẹ. Ní ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú ní aago mẹ́ta, páálí 41, káàdì 17 ni o kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibẹ̀ gan-an la ti bẹ̀rẹ̀, a kò tún ọ̀kan ṣe.

Ẹni tó ń ya káàdì, àwọn káàdì ọjọ́ pípẹ́ tí yíǹkì wọn ti ṣá, ìwọ lo dá a lábàá pé ká fi bébà dúdú sẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn ìyẹn la tó rí orúkọ kà.

Àbúrò mi tó tẹ èyí tó pọ̀ jù, ìwé kékeré tí o kọ àgékúrú àwọn dókítà sí, gbogbo wa la wá ń yá a. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí a fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin lẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sára gbogbo páálí ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Nọ́ńbà yẹn náà la fi ń wá wọn títí iṣẹ́ fi parí.

Bàbá ọlọ́dẹ kò sí níbí. Mo ti lọ bá wọn ní géètì, wọ́n sì ń bọ̀ ní Sátidé."

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì

Ó dára, ọmọ mi. Mo rí i pé o kò sọ "ṣùgbọ́n" níbì kankan, o kò sì fi iṣẹ́ tuntun mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń dúpẹ́ tán, kí wọ́n sì fi "ẹ múra sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀" kádìí ẹ̀, kí ìdúpẹ́ wá di ohun tí wọ́n fi ń fa èèyàn lọ sẹ́nu iṣẹ́. Fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ọlọ́ńjẹ_Bódìjà

Ọ̀rọ̀ bàbá ọlọ́dẹ yẹn mú omi lójú mi. Ẹni tó ń bá mi fọ abọ́ ní búkà, ọdún mẹ́ta rèé, n kò tíì sọ fún un pé òun ni kò jẹ́ kí n pàdánù owó rí. Bí owó bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó máa ń mú un wá fún mi. Mo máa sọ fún un lálẹ́ yìí.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá

Mo padà wá jábọ̀. A ṣe é ní àná.

Nígbà tí mo sọ ti ìbejì, Màmá Káàdì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní: "Àdùkẹ́, Ọjọ́bọ̀ ni, kì í ṣe Ọjọ́rú. Mo rántí torí mo ti fẹ́ lọ sí ìpàdé ìjọ." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, mo tọrọ gáfárà, mo sì ti tún un ṣe lórí Wásáàpù. Wọ́n wá ní kí n tẹ ìwé náà fún àwọn lórí bébà, pé ọmọ wọn tó wà ní Èkó máa ń bi àwọn pé kí ni àwọn ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an.

Bàbá ọlọ́dẹ kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ṣáà dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì yára gbé wọn dìde. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pè mí, wọ́n ní ihò òrùlé yẹn ṣì wà níbẹ̀ o, òjò á tún padà wá.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi máákà kọ páálí ni n kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ mi lórí Wásáàpù, mo rí àmì pé wọ́n ti kà á, wọn kò fèsì. Ní Sátidé, wọ́n jẹun, wọ́n kí mi, wọ́n lọ. Ṣé kí n lọ bá wọn, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ara ọmọ wọn.